Wàrà òfio aládàbínù: àwọn ìbéèrè tó máa ń wá lemọ́lemọ́, àti ìdáhùn wọn

Kí ni wàrà òfio gan-an? Ṣé wàrà màlúù wà nínú rẹ̀?

Kò sí wàrà màlúù níbẹ̀ rárá. Òfio, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìmumu, ni a rẹ sínú omi, tí a lọ̀, tí a sì fún omi rẹ̀ jáde. Nítorí pé omi náà funfun, tí ó sì lọ́ràá lẹ́nu, ni wọ́n ṣe ń pè é ní wàrà. Àwọn Hausa ti ń ṣe é tipẹ́, kúnù-áyà ni wọ́n ń pè é. Ní ìlú Valencia ní Sípéènì náà, òun ni wọ́n ń mu nígbà ooru, ṣúgà ni wọ́n sì máa ń fi sí tiwọn. Dàbínù ni tiwa.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín o, òfio kì í ṣe ẹ̀pà, kì í sì í ṣe kóró èso. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ta, ní ìdí koríko kan, bí iṣu wẹ́wẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni sítáàṣì, òróró, ṣúgà díẹ̀, àti èèrí tó pọ̀. Sítáàṣì àti òróró ni a fẹ́ kó bọ́ sínú omi, èèrí ni a fẹ́ kó kù sínú aṣọ. Gbogbo wàhálà tí àwọn ènìyàn ń ní nídìí ohun mímu yìí, ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yìí ni.

Òfio tútù ni kí n rà ni, àbí gbígbẹ?

Méjèèjì ló dára. Èyí tútù dùn jù, omi rẹ̀ sì máa ń yá jáde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń hu olú. Tí ẹ bá rà á lónìí, ẹ lò ó lónìí tàbí lọ́la. Èyí gbígbẹ, tó hunjọ, tó le bí òkúta, ló máa ń dúró fún oṣù bíi mélòó kan nínú ike tó dé dáadáa, òun sì ni mo máa ń gbà níyànjú fún ẹni tó fẹ́ ṣe é léraléra.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu ẹyọ kan jẹ. Kó dùn, kó sì máa ta sánsán bí àgbọn. Tó bá ń korò díẹ̀, tàbí tó ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ nínú ìgò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, torí kò sí dàbínù tó lè bo adùn burúkú yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ náà. Èyí tó ní ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé lára ti bu, kò ṣeé fọ̀ lò.

Dàbínù wo ló yẹ?

Dàbínù tí àwọn Hausa ń tà lórí bárò, tó gbẹ, tó sì rọ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, dára púpọ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá ra èyí tó wà nínú páálí olówó iyebíye. Èyí tó rọ̀ jù máa ń yára yòrò. Èyí tó gbẹ gan-an nílò omi gbígbóná kí ó tó gbà.

Ẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí méjì kí ẹ tó lò ó. Ẹ yọ kóró rẹ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ dáadáa, nítorí kòkòrò máa ń wọ inú dàbínù tí ara ìta rẹ̀ sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ ka kóró tí ẹ yọ, kí ó bá iye dàbínù mu. Kóró kan ṣoṣo tó bá já sínú bùlẹ́ńdà lè ba abẹ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè sọ gbogbo ohun tí ẹ lọ̀ di kíkorò.

Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́ tí iyanrìn kò fi ní kù lára rẹ̀?

Abẹ́ ilẹ̀ ni òfio ti wá, ara rẹ̀ sì hunjọ, inú ibi tó hunjọ yẹn ni iyanrìn máa ń sá sí. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì le, ohun tó wà lójú nìkan ni yóò kúrò. Ẹ ṣà á ná, kí ẹ kó òkúta àti èyí tó ti bà jẹ́ kúrò, ẹ wá fi omi mélòó kan fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti mu omi tó ti wú, ẹ tún padà fọ̀ ọ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á mọ́ ara wọn kíkankíkan. Fífọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń lé iyanrìn jáde, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò.

Ẹ má da omi náà nù pọ̀ mọ́ òfio. Ẹ fi ọwọ́ bù ú kúrò lójú omi sínú abọ́ mìíràn, kí ohun tó bá ti sílẹ̀ dúró sí ìdí abọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìdí abọ́ yóò fi mọ́.

Wákàtí mélòó ni kí n rẹ ẹ́?

Fún èyí gbígbẹ, wákàtí 24. Fún èyí tútù, wákàtí 4 sí 6 tó. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, torí nínú ooru tiwa yìí, omi rírẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó bá sì ti hó, ó ti ń kan nìyẹn. Tí àyè bá wà nínú fíríìjì, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí.

Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó tí ẹ bá mú ẹyọ kan tí ẹ gé e sí méjì. Kí inú rẹ̀ funfun kan náà láti etí dé àárín. Tí àárín bá ṣì mọ́ ju etí lọ, tó sì le lábẹ́ eyín, omi kò tíì dé ibẹ̀, wàrà tó sì yẹ kó jáde yóò kù sínú èèrí.

Ẹni tí kò ráyè lè da omi gbígbóná lé e lórí, kí ó dé e fún wákàtí 3 tàbí 4. Ó máa rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kaná pẹ̀lú omi náà. Tí òfio bá jiná, sítáàṣì inú rẹ̀ yóò dì pa, kò sì ní jáde mọ́ nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ ẹ.

Omi mélòó sí òfio mélòó?

Ẹ jẹ́ kí a fi ife tíì kan náà wọn gbogbo rẹ̀. Ife 2 òfio gbígbẹ, tí yóò tó bí 300 gíráàmù, ife 5 omi tútù tó mọ́, dàbínù 8, iyọ̀ fínńfín. Ìwọ̀n yìí yóò fún yín ní wàrà tó tó bí ife 4, ìyẹn bí lítà kan, tó ki níwọ̀nba, tí kì í fà lọ́fun.

Ẹ kíyè sí i pé òfio tí ẹ wọn kí ẹ tó rẹ ẹ́ ni mo ń sọ. Lẹ́yìn tó bá wú, yóò ju ife 2 lọ, tí ẹ bá sì tún wá fi èyí wọn omi, yóò di omi lásán. Ẹni tó fẹ́ kí ó ki gan-an lè lo ife 4 omi. Èmi ò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi kọjá ife 6. Àwọn tó ń tà á ní ojú títì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n tí ẹ bá mu ún.

Báwo ni kí n ṣe lọ̀ ọ́ kí ó kúnná?

Omi díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá da ife 5 omi lé òfio lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni òfio yóò máa sáré kiri nínú omi, tí abẹ kò sì ní bá a mú. Ife omi kan ààbọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó ṣáà ti bo òfio. Ẹ lọ̀ ọ́ títí yóò fi di lẹ́ẹ̀ tó funfun, tí ìró bùlẹ́ńdà yóò sì yí padà láti gbà-gà-gbà-gà sí ohùn kan tó dọ́gba. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ra á. Bí ọkà tí a kù dáadáa ni kó rí, kì í ṣe bí gàrí.

Ìgbà náà ni kí ẹ wá da ife 2 sí i, kí ẹ tún lọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ife 1 ààbọ̀ tó ṣẹ́kù kò ní wọ bùlẹ́ńdà báyìí. A ó lò ó lórí èèrí.

Bùlẹ́ńdà kékeré máa ń gbóná. Ẹ lọ̀ ọ́ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ máa dá a dúró kí ó sinmi. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn rọ́bà, ẹ pa á kíákíá. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀rọ lè jó, ooru yẹn máa ń jẹ́ kí wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ki kí àsìkò tó tó.

Kò sí iná. Ṣé mo lè gbé e lọ sí ilé ìlọta?

Ẹ lè gbé e lọ, ẹ̀rọ wọn tiẹ̀ ń lọ̀ ọ́ kúnná ju bùlẹ́ńdà ilé lọ. Ata ni ìṣòro. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata àti àlùbọ́sà, bí wọ́n ti wù kí wọ́n fi omi ṣàn án tó, yóò ta sínú wàrà yín. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ògì lọ́tọ̀, kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tó bá ti lọ ọkà ẹlòmíràn. Ẹ gba ẹ̀kún ọwọ́ kan àkọ́kọ́ tó jáde sọ́tọ̀, kí ẹ dà á nù. Tí ẹ bá ti délé, ẹ sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀.

Asẹ́ wo ni kí n lò? Ṣé asẹ́ tíì tó?

Asẹ́ tíì kò tó. Èèrí òfio tó bá kúnná máa ń gba ojú asẹ́ tíì kọjá wẹ́rẹ́. Ohun tó dára jù ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, èyí tó mọ́, tí a kò fi ọṣẹ olóòórùn fọ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí ẹ tó lò ó, pàápàá tó bá ti pẹ́ tó ti wà nínú àpótí.

Ẹẹ̀mejì ni a ń sẹ́ ẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ na aṣọ náà sórí abọ́ ńlá, ẹ da lẹ́ẹ̀ náà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ kó etí aṣọ jọ, kí ẹ lọ́ ọ pọ̀, kí ẹ sì fún un. Ẹ má fún un ní agídí. Tí ẹ bá fún un jù, èèrí wẹ́wẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú aṣọ jáde pẹ̀lú wàrà. Ẹ̀yin náà yóò rí i: wàrà tó ń jáde kò ní funfun kedere mọ́, yóò máa pọ́n díẹ̀, yóò sì nípọn lọ́wọ́. Ẹ dúró níbẹ̀.

Dípò tí ẹ ó fi máa fi agbára fún un, ẹ da èèrí náà padà sínú abọ́, ẹ da ife 1 ààbọ̀ omi tó kù lé e, ẹ fi ọwọ́ pò ó dáadáa, kí ẹ tún sẹ́ ẹ. Wàrà tó ń jáde lẹ́ẹ̀kejì yìí kò ní ki tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ da méjèèjì pọ̀.

Mo ti sẹ́ ẹ, síbẹ̀ ó ń ṣe mí yanrìn-yanrìn lẹ́nu. Kí ló fà á?

Ohun mẹ́ta ló lè fà á, ọ̀nà tí ẹ ó sì fi mọ èyí tó jẹ́ kò le. Ẹ da wàrà náà sínú ife tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ rọra da ti òkè kúrò, kí ẹ wá fi ìka kan ohun tó sílẹ̀.

Tó bá ń han lábẹ́ èékánná, tó sì le, iyanrìn gidi ni. Fífọ̀ ni kò dára. Ẹ da gbogbo wàrà náà jókòó fún ìdajì wákàtí, kí ẹ ṣẹ́ ti òkè sínú abọ́ mìíràn, kí ẹ sì da ìdí rẹ̀ nù.

Tó bá rọ̀, tó sì ń fọ́ bí èlùbọ́ tí kò kúnná, èèrí ló gba ojú aṣọ. Ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì, kí ẹ tún sẹ́ ẹ láìfi ọwọ́ fún un rárá. Ẹ jẹ́ kó máa ro fúnra rẹ̀. Ó máa pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kíkúnná wà.

Tó bá funfun fénfé, tó ń yọ̀ tí ẹ bá rà á, tó sì ń dún kín-ín-kín-ín bí sítáàṣì aṣọ, sítáàṣì òfio gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ lè pò ó padà, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ sí ìdí abọ́. Èmi máa ń fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, torí tó bá pọ̀ jù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n bíi lẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n fi dàbínù sí i: kí n tó sẹ́ ẹ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ òfio. Ó yá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun méjì ló máa ń tẹ̀lé e. Adùn dàbínù yóò wọ inú èèrí, ẹ ó sì jù ú nù pẹ̀lú èèrí. Ẹ ò tún ní lè tọ́ ọ wò kí ẹ tó mọ bóyá ó ti dùn jù.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ nìyí. Nígbà tí ẹ bá ń rẹ òfio lọ́wọ́, ẹ la dàbínù 8, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá bu omi gbígbóná díẹ̀ lé e, bí ìdajì ife, kí ó rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ yọ iye omi yìí kúrò nínú ife 1 ààbọ̀ tí a fẹ́ lò lórí èèrí, kí gbogbo omi má bàa kọjá ife 5 wa. Tí ẹ bá ti sẹ́ wàrà tán, ẹ bu ife kan nínú rẹ̀ sínú bùlẹ́ńdà pẹ̀lú dàbínù àti omi tí ẹ fi rẹ ẹ́. Ẹ má da omi yẹn nù, adùn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ títí tí ẹ kò fi ní rí èèpo dàbínù mọ́.

Ẹ wá fi aṣọ sẹ́ èyí nìkan. Èèpo dàbínù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń léfòó lójú wàrà bí ewé tíì, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Nínú aṣọ, yóò kù bí ẹ̀kún ṣíbí méjì pupa rúsúrúsú. Ẹ fún ti ibí yìí dáadáa, torí èèpo dàbínù kì í gba ojú aṣọ bí èèrí òfio. Omi aládùn tó jáde ni kí ẹ máa dà sínú wàrà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tọ́ ọ wò. Àwọ̀ rẹ̀ yóò kúrò ní funfun, yóò di bíi tíì oní-mílíìkì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Dàbínù 8 kò dùn tó fún mi. Ṣé kí n fi ṣúgà kún un?

Ẹ fi iyọ̀ sí i ná, fínńfín tí orí ìka méjì lè mú, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Ó máa ń yani lẹ́nu bí adùn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe máa jáde. Tí kò bá tíì tó, ẹ lọ dàbínù 3 tàbí 4 sí i lọ́nà kan náà. Ẹ rántí pé ohun tó bá tutù kì í dùn lẹ́nu tó ohun tó lọ́ wọ́rọ́. Ẹ gbé ife kékeré sínú fírísà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Ṣúgà máa ń dùn, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn. Oyin ní tirẹ̀ máa ń gba ipò lọ́wọ́ òfio, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ ń mu mọ́. Ẹ má sì fi oyin sí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ó ti wá dùn jù báyìí ńkọ́?

Ẹ má da omi sí i, yóò fà. Ẹ fi yìnyín mu ún, tàbí kí ẹ fi àgbọn là á: ẹ lọ ìdajì àgbọn pẹ̀lú ife omi kan, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sí i. Yóò ki, adùn rẹ̀ yóò sì wálẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ńkọ́? Wọ́n ní ṣúgà dàbínù kì í ṣe nǹkan.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ òótọ́. Nínú dàbínù gbígbẹ, ó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tó jẹ́ ṣúgà, bí a sì ti ń lọ̀ ọ́ tí a ń sẹ́ èèpo rẹ̀ dà nù, ohun tí ì bá jẹ́ kí ṣúgà náà rọra wọ ara ni a ń dà nù. Òfio fúnra rẹ̀ ní ṣúgà àti sítáàṣì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè mu èyí tí kò ní dàbínù, ìdajì ife kékeré pẹ̀lú oúnjẹ, lẹ́yìn tó bá ti bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé mo lè fi atalẹ̀ tàbí kànáfùrù sí i?

Ẹ lè fi wọ́n sí i, pẹ̀lú ìwọ̀n. Fún ìwọ̀n tiwa yìí, atalẹ̀ tó tó orí ìka kan, tí a bó, tí a sì lọ̀ pọ̀ mọ́ òfio. Kànáfùrù ẹyọ méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀. Tí kànáfùrù bá pọ̀, ẹnu á kú. Èmi kì í fi àwọn méjèèjì sí i pọ̀.

Ó pín sí méjì nínú ìgò, omi lókè, nǹkan funfun nísàlẹ̀. Ṣé ó ti bà jẹ́ ni?

Rárá. Sítáàṣì kì í yòrò nínú omi tútù, ńṣe ló máa ń rọra sílẹ̀, òróró a sì máa lọ sókè. Gbogbo wàrà òfio tí a kò fi kẹ́míkà sí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mì ín kí ẹ tó mu ún. Tí ẹ bá rí èyí tó wà lórí àtẹ fún ọjọ́ púpọ̀ tí kò sì pín, nǹkan wà nínú rẹ̀ tó ń dì í mú.

Èyí tó yẹ kí ẹ fura sí ni pípín tó wá pẹ̀lú èépá: tí ti òkè bá mọ́ gaara bí omidùn ògì, tí ti ìsàlẹ̀ dì bí wàrà tó kan, tí èépá sì wà létí ìgò. Ìyẹn ti kan.

Mo gbé e kaná kí ó lè pẹ́, ó bá ki bí ògì. Kí ni mo ṣe sí i?

Ẹ ro ó ni. Sítáàṣì inú rẹ̀ ń ṣe ohun tí ti ògì ń ṣe tó bá rí iná. Tí ooru bá ti le débi tí ọwọ́ kò lè gbà á mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki, kò sì sí ọ̀nà tí a fi lè dá a padà. Ẹ lè mu ún ní gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, ó dùn bẹ́ẹ̀ gan-an.

Tó bá jẹ́ kòkòrò ni ẹ fẹ́ pa, ara òfio ni kí ẹ ti pa á. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ ẹ́ tí ẹ sì ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ da omi tó ń hó yaya lé e, ẹ kà á tó ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sẹ́ omi náà dà nù, kí ẹ sì fi omi tútù tó mọ́ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ojú òfio ni omi gbígbóná kàn, inú rẹ̀ kò jiná. Kì í pa gbogbo rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù. Omi tí ẹ fi lọ̀ ọ́ náà, kí ó jẹ́ èyí tí ẹ ti sè tí ẹ sì ti jẹ́ kó tutù.

Ọjọ́ mélòó ló máa lò?

Nínú fíríìjì tí iná kì í lọ nídìí rẹ̀, ọjọ́ méjì. Àwọn kan ń sọ pé ọjọ́ márùn-ún. Èmi kò ní fún ọmọ mi. Kò sí ohun kíkan kankan nínú wàrà yìí tó lè dá kòkòrò dúró, ṣúgà dàbínù sì ń bọ́ wọn. Lóde, nínú ooru, wákàtí méjì ti tó. Ẹ dà á sínú ìgò kéékèèké, torí ìgò tí a ń ṣí tí a ń dé ló ń tètè kan.

Tí NEPA bá máa ń ṣe bó ṣe wù ú níbi tí ẹ wà, fírísà ni kí ẹ gbé e sí, kí ìgò má kún dẹ́nu, torí ó máa ń wú. Ó lè tó bí oṣù kan. Tó bá yọ́, yóò pín, ẹ fi bùlẹ́ńdà lù ú lẹ́ẹ̀kan, yóò padà sípò.

Kí ó tó kan, ó máa ń ta díẹ̀ ní ahọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn mu mínírà. Tí ideri ìgò bá ń dún pṣẹ̀ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé ẹ ó fi ṣúgà bò ó.

Mo fẹ́ máa tà á. Kí ni kí n mọ̀?

Nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ pé wàrà òfio tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí àwọn tó ṣàìsàn ti mu. Òfio kọ́ ló ń bí onígbáméjì, omi àti ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé a kì í sè é, ohun tó bá wà nínú omi tí ẹ lò ni oníbàárà yín yóò mu.

Nítorí náà, omi sísè, ìgò tuntun, kì í ṣe èyí tí a ṣà ní òde àríyá. Yìnyín láti inú omi tó mọ́. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ìgò. Kí èyí tó bá kù lálẹ́ ọjọ́ kejì má padà sọ́jà. Kí ẹ tó máa gbé e lọ sí ilé ìtajà ńlá, ẹ lọ gba nọ́ńbà NAFDAC.

Ìlú Òyìnbó ni mo wà. Níbo ni mo ti lè rí i?

Ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà máa ń ní èyí gbígbẹ. Àwọn ará Sípéènì ń pè é ní ṣúfà, òun náà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìtajà àwọn apẹja náà ń tà á, ní àpò ńlá, lówó pọ́ọ́kú, torí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Ẹ má rà á níbẹ̀ o. Wọn kò ṣe é fún ẹnu ènìyàn. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, ẹ rà á: wàrà rẹ̀ máa ń funfun jù, iyanrìn rẹ̀ kì í sì í tó nǹkan.

Kí ni mo lè fi èèrí rẹ̀ ṣe?

Ẹ sá a sóòrùn tàbí kí ẹ yan án lórí iná tí kò le títí yóò fi gbẹ táútáú, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ kù ú. Ẹ lè fi í rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin fúláwà nínú ṣinṣín tàbí páńkéèkì. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fọ́ sára. Èèrí tútù kì í dúró. Tó bá sun lóde mọ́jú, adìyẹ ló ni ín.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ṣì ń korò. Níbo ni mo ti máa wá a?

Ẹ tọ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Ẹ jẹ òfio tí a rẹ, ẹyọ márùn-ún láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú abọ́. Ìkan péré tó ti bu lè wà láàárín wọn, àwọ̀ inú rẹ̀ á sì ti di ilẹ̀-ilẹ̀. Ẹ mu omi dàbínù lọ́tọ̀. Tó bá ń korò, ẹ tú èèpo inú aṣọ wò, ẹ ó rí àfọ́kù kóró níbẹ̀. Ẹ rántí kànáfùrù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ òórùn rọ́bà abẹ́ abẹ bùlẹ́ńdà. Àlùbọ́sà tó ti wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí máa ń jáde sínú wàrà ju inú ọbẹ̀ lọ. Ẹ tú u, kí ẹ rẹ rọ́bà náà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, kí ẹ tó tún lọ nǹkan mìíràn.